Láti orí ààlà wọ inú ilẹ̀: bí a ṣe ń lo òfin Green láìṣìnà

Ká ní ẹ rìn yí ààlà ilẹ̀ kan ká, láti ìdí òpó kan dé ìdí òpó kejì, títí ẹ fi padà sí ìdí òpó tí ẹ ti gbéra. Ẹ ò tẹsẹ̀ bọ inú ilẹ̀ náà rárá. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ dáadáa, ẹ lè sọ bí inú ilẹ̀ náà ṣe tó. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni òfin tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi orúkọ George Green pè. Ó ní irú àròpọ̀ kan tí a bá ṣe lórí ààlà bá àròpọ̀ mìíràn tí a ṣe nínú ohun tí ààlà náà yí ká dọ́gba.

Ọlọ́lọ ni Green. Ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ní Sneinton lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nottingham, ló ti ń lọ ọkà nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí iná mànàmáná àti agbára òòfà jáde ní 1828. Bí a ṣe ń kọ òfin náà lónìí kọ́ ló ṣe kọ ọ́. Cauchy ló kọ́kọ́ tẹ irú èyí tí a ń lò jáde ní 1846, láì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, Riemann sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1851.

Màá fi bí a ṣe ń kúrò lórí ààlà bọ́ sínú hàn yín, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ibi méjì ni màá ti dúró pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣubú: ìhà tí a gbà rìn yí ààlà ká, àti ihò tó lè fara sin sínú.

Ohun tí òfin náà ń sọ

```
∮ P dx + Q dy = ∬ (Q_x − P_y) dA
```

Ẹ jẹ́ ká ka apá òsì ná. Òun ni íntígírà orí ìlà. Bí ẹ ti ń rìn lórí ààlà, ẹ fọ́ ìrìn yín sí ìṣísẹ̀ kéékèèké. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé yín lọ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ìyẹn dx, ó sì gbé yín lọ díẹ̀ sí àríwá, ìyẹn dy. Bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù ló gbé yín lọ, nọ́ḿbà náà di òdì. Níbi tí ẹ dúró sí, P ní iye kan, Q náà ní tirẹ̀. Ẹ sọ P di ìlọ́po dx, ẹ sọ Q di ìlọ́po dy, ẹ pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí ẹ ó fi padà délé. Róbótó kékeré tó wà láàárín àmì náà ló ń sọ pé ìrìn yìí padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Apá ọ̀tún ni íntígírà onílọ́po méjì. Q_x ni bí Q ṣe ń yára yí padà bí a bá ń sún x nìkan, tí a dá y dúró. P_y ni bí P ṣe ń yí padà bí a bá ń sún y nìkan, tí x dúró. A yọ ìkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, a sọ ọ́ di ìlọ́po ègé ilẹ̀ kékeré dA, a sì ro ó pọ̀ jákèjádò inú ilẹ̀ náà.

Èéṣe tí Q fi bá x rìn, tí P sì bá y rìn, nígbà tó jẹ́ pé P ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dx? Èéṣe tí àmì ìyọkúrò fi wà níwájú P_y? Ọ̀pọ̀ ló kàn há a sórí, tí wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ ò ní gbàgbé bí ẹ bá fojú inú rí onígun mẹ́rin kékeré kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ h. Ẹ rìn yí i ká ní òdìkejì ọwọ́ aago. Ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ìlà-oòrùn ni ẹ ń lọ, nítorí náà ẹ kó P ti ìsàlẹ̀ lọ́nà h. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ìwọ̀-oòrùn ni ẹ ń padà sí, nítorí náà ẹ san P ti òkè lọ́nà h padà. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni P ìsàlẹ̀ tí a yọ P òkè kúrò nínú rẹ̀. Òdì bí P ṣe yí padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè gan-an nìyẹn, ìyẹn −P_y lọ́nà h². Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ ń gòkè, ẹ kó Q. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ san Q padà. Ohun tó kù níbẹ̀ ni Q_x lọ́nà h². Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di (Q_x − P_y)h².

Ó wá ku kí a fi irú onígun mẹ́rin kékeré bẹ́ẹ̀ kún gbogbo inú ilẹ̀. Méjì tó bá fara kanra ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n jọ ni. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè lórí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú ló lọ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ tí kò ní aládùúgbò nìkan ló kù, ìyẹn ti ààlà. Ẹ fi àwòrán yìí sọ́kàn, torí òun náà ló máa sọ fún wa ìgbà tí òfin yìí kò ní ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ mọ èyí tó jẹ́ P, ẹ mọ èyí tó jẹ́ Q

P ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dx. Q ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dy. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni P. Bí ìbéèrè bá ní

```
∮ x² dy + xy dx
```

P jẹ́ xy, Q sì jẹ́ x². Ẹni tó bá sáré mú x² ní P máa rí ìdáhùn tó dà bí ìdáhùn gidi, kò sì sí ohunkóhun nínú iṣẹ́ tó kù tó máa ta á lólobó pé ó ti ṣì í. Ẹ kọ P = … àti Q = … sílẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ààlà

Ohun mẹ́ta la ń wò. Àkọ́kọ́, ṣé ìlà náà padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Bí kò bá padà, kò ní inú, kò sì sí ohun tí a fẹ́ yí i padà sí. Ìkejì, ṣé kò gba orí ara rẹ̀ kọjá? Ìlà tó dà bí nọ́ḿbà 8 ní inú méjì, a sì máa ń rìn yí ọ̀kan ká ní òdìkejì ọwọ́ aago, kí a rìn yí ìkejì ká bí ọwọ́ aago. Ẹ pín irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí méjì, kí ẹ ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ìkẹta ni ìhà tí a gbà rìn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ rò ó pé ẹ ń fẹsẹ̀ ara yín rìn lórí ààlà náà: inú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì yín. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló wà, ìdáhùn yín máa jẹ́ òdì ohun tó yẹ kó jẹ́, ẹ ó sì fi àmì ìyọkúrò kan síwájú íntígírà onílọ́po méjì náà kó lè bọ́ sípò. Mo fẹ́ràn ọwọ́ òsì ju ọwọ́ aago lọ, torí pé ọwọ́ òsì ṣì ń sọ òótọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ní ihò nínú. Ọwọ́ aago kì í sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo inú, kì í ṣe etí nìkan

Kò tó kí P àti Q dára lórí ààlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní iye ní gbogbo ibi nínú ilẹ̀ náà, Q_x àti P_y náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò. Ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà ìdá, ẹ bi ara yín pé: níbo ló ti lè di òdo? Ẹ wo inú lọgaríìmù àti inú gbòǹgbò onímejì pẹ̀lú. Bí ibi tí ó ti bàjẹ́ bá wà lẹ́yìn ààlà, kò kàn yín. Bó bá wà nínú, ẹ dúró. Màá padà sórí èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin dé ìkẹfà, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ wà ní (0,0), (2,0) àti (2,4). A rìn ín bí mo ṣe tò wọ́n yìí, lẹ́yìn náà a padà sí (0,0). Ẹ ya á sórí bébà: láti (0,0) a lọ sí ọ̀tún, a gòkè, a wá gba ìlà y = 2x sọ̀ kalẹ̀. Inú wà ní ọwọ́ òsì. P = xy, Q = x². Kò sí ìdá kankan níbẹ̀, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí a wá Q_x − P_y. Bí x² bá ń yí padà pẹ̀lú x, 2x ló ń jẹ́. Bí xy bá ń yí padà pẹ̀lú y, x ló ń jẹ́. Nítorí náà:

```
Q_x − P_y = 2x − x = x
```

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni kí a sọ ibi tí inú ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà, torí pé òfin Green kò bá wa ṣe é. Nínú onígun mẹ́ta wa, x ń lọ láti 0 dé 2. Fún x kọ̀ọ̀kan, y ń gòkè láti 0 títí ó fi kan ìlà 2x. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ y láti 0 dé 4, kó sì kọ x láti 0 dé 2. Gbogbo onígun mẹ́rin ló ró pọ̀ yẹn, ìlọ́po méjì ilẹ̀ tí a fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni kí a ṣírò rẹ̀:

```
∬ x dA = ∫₀² x · (2x) dx = 2 · (8/3) = 16/3
```

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ jẹ́ ká gba orí ààlà náà rìn, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, y jẹ́ 0, dy náà jẹ́ 0, nítorí náà kò sí ohun tó wọlé. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, x dúró sí 2, dx jẹ́ 0, Q jẹ́ 4, y sì ń gòkè láti 0 dé 4. Ó mú 16 wá. Ní ẹ̀gbẹ́ tó dàgẹ̀rẹ̀, y = 2x, dy = 2dx, x sì ń padà láti 2 sí 0:

```
∫ from 2 to 0 of (2x² + 2x²) dx = −32/3
```

16 tí a yọ 32/3 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 16/3. Méjèèjì bára mu.

Ẹnìkan lè ní kò sí èrè níbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà méjèèjì rọrùn. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó burú kún un:

```
P = xy + sin(x²)
Q = x² + e^(y²)
```

Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ààlà rìn báyìí máa bá sin(x²) àti e^(y²) pàdé. Kò sì sí ohun tó mọ̀ tó lè kọ gẹ́gẹ́ bí íntígírà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: sin(x²) kò ní y nínú, nítorí náà kò dá sí P_y. e^(y²) kò ní x nínú, nítorí náà kò dá sí Q_x. Q_x − P_y ṣì jẹ́ x, ìdáhùn ṣì jẹ́ 16/3. Nígbà tí ẹ bá rí ìbéèrè tí nǹkan tó dẹ́rù ba èèyàn wà nínú P, tó sì jẹ́ pé x nìkan ló ní, tàbí tó wà nínú Q, tó sì jẹ́ pé y nìkan ló ní, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí ẹ bọ́ sínú ni.

Ihò tó fara sin

Ẹ mú P àti Q yìí:

```
P = −y / (x² + y²)
Q =  x / (x² + y²)
```

Ẹ ṣírò Q_x, ẹ ó rí (y² − x²)/(x² + y²)². Ẹ ṣírò P_y, ohun kan náà gan-an ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ òdo níbi gbogbo. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kẹta máa sọ pé òdo ni íntígírà náà lórí ààlà èyíkéyìí.

Ẹ wá lọ sórí ìlà róbótó tí àárín rẹ̀ wà ní (0,0), tí ó jìnnà sí àárín ní 1. Lórí rẹ̀, x = cos t, y = sin t, x² + y² sì jẹ́ 1. Ohun tí a ń ró pọ̀ di sin²t + cos²t, ìyẹn 1, láti 0 dé 2π. Ìdáhùn jẹ́ 2π. Kì í ṣe òdo, kò tilẹ̀ súnmọ́ òdo.

Òfin Green kò purọ́. Àwa la lò ó níbi tí kò ti láṣẹ. Ní (0,0), ìsàlẹ̀ ìdá náà di òdo, P àti Q kò sì ní iye kankan níbẹ̀. Ẹ rántí àwọn onígun mẹ́rin kékeré wa. Èyí tó bo (0,0) mọ́lẹ̀ kò tẹ̀lé ìṣirò tí a ṣe, torí pé a ò lè sọ bí Q ṣe yí padà láti òsì sí ọ̀tún níbi tí Q kò sí. Gbogbo 2π yẹn wà nínú onígun mẹ́rin kan ṣoṣo yẹn.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká gé ihò náà kúrò. Ẹ ya ìlà róbótó kékeré kan yí (0,0) ká, tó wà nínú ààlà ńlá yín pátápátá. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà méjèèjì kò ní àbùkù kankan, òfin Green sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ní ààlà méjì báyìí. Inú gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì lórí méjèèjì, ìyẹn ni pé a rìn yí ti ìta ká ní òdìkejì ọwọ́ aago, a sì rìn yí ti ihò ká bí ọwọ́ aago. Àròpọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ òdo, nítorí náà ti ìta dọ́gba pẹ̀lú ti ihò bí a bá yí ìhà ti ihò padà. Ti ihò kò sì ṣòro: 2π ni, bó ti wù kó kéré tó.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Ká ní ààlà ńlá náà jẹ́ onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ wà ní (2,2), (−2,2), (−2,−2) àti (2,−2). Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wa láìṣe iṣẹ́ kankan: 2π. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, níbi tí x jẹ́ 2, máa fún yín ní ∫ 2/(4 + y²) dy láti −2 dé 2, tó jẹ́ π/2. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ló wà, wọ́n sì jọra. Ṣùgbọ́n bí ààlà bá jẹ́ ìlà róbótó tí àárín rẹ̀ wà ní (3,0), tó jìnnà sí àárín ní 1, (0,0) wà níta pátápátá, ìdáhùn sì jẹ́ òdo lóòótọ́. Bí ààlà bá wá gba orí (0,0) fúnra rẹ̀ kọjá ńkọ́? A jẹ́ pé íntígírà orí ìlà náà gan-an ti ní ìṣòro, kò sì sí ìyípadà tó lè gbà á.

Padà sórí ilẹ̀: bí a ṣe ń fi òpó ààlà mọ ìwọ̀n inú

Bí a bá fẹ́ kí apá ọ̀tún òfin náà jẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan, a nílò P àti Q tí Q_x − P_y wọn jẹ́ 1. Wọ́n pọ̀. A lè mú P = 0 àti Q = x. A lè mú P = −y àti Q = 0. Èyí tó dára jù fún ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé ni P = −y/2 pẹ̀lú Q = x/2, torí pé ó máa ń jáde ní ìrísí tó rọrùn láti rántí. Ẹ rìn láti òpó (x1, y1) dé òpó (x2, y2) lórí ìlà gígún, ẹ fi t láti 0 dé 1 sọ ibi tí ẹ dé, ẹ ó rí i pé gbogbo nǹkan pa ara rẹ̀ rẹ́ títí tó fi ku:

```
½ (x1·y2 − x2·y1)
```

Ìdá tí ẹ̀gbẹ́ kan mú wá nìyẹn. Ẹ ro gbogbo ẹ̀gbẹ́ pọ̀, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ kan ṣe é. Ká ní ó wà ní apá Ìbàdàn, tí pílánì sọ́fè rẹ̀ sì kọ kọ́ọ̀dínéètì òpó àkọ́kọ́ ní 599402 sí ìlà-oòrùn àti 816201 sí àríwá, ní mítà. Ẹ má fi nọ́ḿbà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ wọ̀nyí ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, nọ́ḿbà oníye 12 ló máa jáde. Kalikulétọ̀ tó ń fi 10 péré hàn máa gbé ìyókù mì, ilẹ̀ tí ẹ ń wá sì wà nínú ìyókù yẹn gan-an. Ẹ yọ 599400 kúrò nínú gbogbo ti ìlà-oòrùn, ẹ yọ 816200 kúrò nínú gbogbo ti àríwá. Ṣé èyí kò ba ìdáhùn jẹ́? Rárá. Bí a bá fi nọ́ḿbà kan tí kò yí padà kún x, Q_x kò mọ̀. P_y náà kò mọ̀ bí a bá fi kún y. Ohun tó wà nínú íntígírà onílọ́po méjì ṣì jẹ́ 1.

Lẹ́yìn ìyọkúrò, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní A (2,1), B (20,3), C (18,40) àti D (0,36). A tò wọ́n bí èèyàn ṣe máa rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú inú lọ́wọ́ òsì:

```
A→B:   2·3  − 20·1  =  −14
B→C:  20·40 − 18·3  =  746
C→D:  18·36 −  0·40 =  648
D→A:   0·1  −  2·36 =  −72
Àròpọ̀ = 1308, ìdajì = 654
```

Mítà oníhà mẹ́rin 654. Ẹ fi wé ohun tí ẹ mọ̀: pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi 669. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ má jẹ́ kí àwọn nọ́ḿbà òdì tó wà láàárín dẹ́rù bà yín. Ẹ̀gbẹ́ kan lè mú òdì wá, àròpọ̀ ni a ń wò.

Ẹni tó bá ní òpó tó pọ̀ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é:

```python
p = [(2, 1), (20, 3), (18, 40), (0, 36)]
s = 0
for i in range(len(p)):
    x1, y1 = p[i]
    x2, y2 = p[(i + 1) % len(p)]
    s += x1*y2 - x2*y1
print(s / 2)
```

Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́. Ìkíní rọrùn láti mọ̀: bí wọ́n bá to òpó bí ọwọ́ aago, ìdáhùn máa jẹ́ −654. Ẹ kàn yọ àmì òdì kúrò. Ìkejì léwu jù. Ẹ ṣèèṣì fi D ṣáájú C, kí ẹ wá rìn A, B, D, C:

```
−14 + 720 − 648 − 62 = −4, ìdajì = −2
```

Ilẹ̀ mítà 654 ti di 2. Ìlà yín ti gba orí ara rẹ̀ kọjá, ó ti di nọ́ḿbà 8, inú kan sì ń jẹ inú kejì. Níbí, ilẹ̀ náà kéré débi pé ẹ máa fura. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó ní òpó 15, tó jẹ́ pé méjì péré tó súnmọ́ra ló ṣe pàṣípààrọ̀ àyè, ìdáhùn lè kéré díẹ̀ péré sí ohun tó yẹ, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ẹ ya àwọn òpó náà sórí bébà, ẹ fi ìlà so wọ́n bí ẹ ṣe tò wọ́n, kí ẹ fojú ara yín rí i pé kò sí ìlà tó gba orí ìlà kejì kọjá.

Ìkẹta ni ti àwọn tó ń mú kọ́ọ̀dínéètì láti orí fóònù. Dígíríì ni fóònù máa ń fúnni, kì í ṣe mítà. Ìṣirò yìí máa gbà á, á sì fún yín ní nọ́ḿbà kékeré kan tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí mítà. Ẹ sì mọ̀ pé fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣì ibi tí òpó wà. Lórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn sọ́fẹ́yọ̀ kì í fi fóònù wọn òpó.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tẹ̀

Gbogbo ohun tí a ṣe lórí òpó dúró lórí pé ẹ̀gbẹ́ gún. Bí odò ló ṣe ààlà ilẹ̀ ní apá kan, ìlà tí ẹ fà láti òpó dé òpó máa gé ilẹ̀ kan kúrò tàbí kó fi kún un. Ó ṣeé fojú díwọ̀n. Ká ní òpó méjì jìnnà síra ní mítà 30, tí etí odò sì yọ síta ní mítà 1.5 ní àárín wọn. Bí títẹ̀ náà bá rọ̀ wẹ́rẹ́, ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà gígún àti etí odò jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta 30 lọ́nà 1.5, ìyẹn mítà oníhà mẹ́rin 30. Ẹ ri òpó kan sí i sí àárín, níbi tó ti yọ jù, kí ẹ tún ṣírò. Apá kọ̀ọ̀kan máa gùn ní nǹkan bí mítà 15, tó sì yọ síta ní mítà 0.375 péré. Àṣìṣe náà á wá sílẹ̀ láti 30 sí 7.5. Ẹ tún ri òpó kan sáàárín apá kọ̀ọ̀kan, á wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 1.9. Bí etí odò náà bá ní ìlà tí a lè kọ gẹ́gẹ́ bí y tó ń tẹ̀lé x, ẹ lè fi òpó sílẹ̀ ní apá yẹn, kí ẹ gba íntígírà ½(x dy − y dx) lórí ìlà náà tààrà, kí ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀gbẹ́ gígún.